Iye Tí Ìwé Ẹ̀rí Kan Ń Náni Ní Tòótọ́

Ìwé ẹ̀rí tí a gbà lọ́wọ́ àjọ WAEC nígbà tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í kú. Ẹni tó gbà á ní ogójì ọdún sẹ́yìn lè mú un jáde nínú àpótí lónìí, kò sì sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí yóò sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn òbí wa san owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwa tí a ti di òbí fi ń rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìwé ẹ̀rí rí: a ó bèèrè iye owó ìdánwò, a ó wá owó náà, a ó san án, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìwé ẹ̀rí irú mìíràn ti wọ àárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ aládàáni òkè òkun ni ó ń fún ni. Owó dọ́là ni wọ́n ń gbà lé e, ọjọ́ ikú sì ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọ̀kan nínú wọn mú kí n jókòó ti ìwé ìṣirò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi tó ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi létí, nítorí mo mọ̀ pé ilé mi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fẹ́ ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CCNA. Ìdánwò àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn ni. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ayélujára báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ Sísíkò ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ ní Cisco, ni ó ni ìdánwò náà. Ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ₦450,000 ni yóò ná wọn. Ifọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, iṣu ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ní oko kòkó kan ní ìhà Ìpelè tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti rí ẹni tí yóò yá wọn ní iye owó yẹn gan-an, bí wọ́n bá fi oko náà dógò. Kí wọ́n tó gba owó náà, wọ́n pè mí, nítorí ìwé owó ni iṣẹ́ mi. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, bá mi wò ó. Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìdánwò fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó hàn sí gbogbo ènìyàn. 300 dọ́là ni. Ọmọ náà kò parọ́ fún ìyá rẹ̀: bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìwọ̀n ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ₦450,000 náà ni. Àmọ́ iye yìí kì í ṣe iye tó dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí báńkì ń ka dọ́là kan sí nǹkan bíi ₦460, 300 dọ́là kan náà jẹ́ ₦138,000. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí iye náírà máa tẹ̀lé ọjà, kò sì pé ọdún kan tí owó ìdánwò náà fi di ìlọ́po mẹ́ta lójú àwa tó ń ná náírà, bẹ́ẹ̀ Sísíkò kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Nítorí náà, dọ́là ni kí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ìṣirò, kí a tó sọ ọ́ di náírà, kí a sì tún un ṣírò ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ san án.

Ọ̀nà tí a ń gbà san án náà ní wàhálà tirẹ̀. Láti ìparí ọdún 2022 títí di nǹkan bí àárín ọdún 2025, ọ̀pọ̀ báńkì wa kò jẹ́ kí a fi káàdì náírà san owó sí òkè òkun. Ní àkókò náà ni àwọn alágbàtà pọ̀ sí i, àwọn tí ń ta nọ́ńbà ìsanwó ìdánwò fún ọmọlọ́mọ. Òtítọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn ń ṣe òwò gidi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìsanwó ní ọjọ́ tí yóò kú, èyí tí wọ́n bá sì ń tà ní ìdajì iye rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a fi káàdì olóle rà. Bí Sísíkò bá mọ̀, wọ́n lè fagi lé èsì ìdánwò náà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má ṣe ka ẹ̀dínwó kankan mọ́ ìṣirò wa.

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé ìwé wo ni yóò fi hàn ní ẹnu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pearson VUE ni ó ń bá Sísíkò ṣe ìdánwò náà káàkiri ayé, wọn kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Ìwé tí ìjọba fún ni, tó ní àwòrán àti ìfọwọ́sí, ni wọ́n ń fẹ́. Bébà tí a tẹ nọ́ńbà NIN sí kò ní ìfọwọ́sí. Ọmọ náà kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò sì ní pásípọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32, tó ń lo ọdún márùn-ún, ti kúrò ní ₦50,000 ó ti di ₦100,000. A kọ ₦100,000 sílẹ̀.

Ibí yìí ni kí àwa òbí ti fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí àwa ni a máa ń fún àwọn ọmọ ní orúkọ púpọ̀. Orúkọ ìrìbọmi ni ó ṣáájú nínú ìwé WAEC ọmọ yìí, orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pè é ni ó wà nínú NIN rẹ̀, orúkọ kẹta ni ó sì fi ń wọ ojú ewé ayélujára. Orúkọ tí a bá fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti orí pásípọ́ọ̀tù mu. Bí kò bá bá a mu, wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlé, owó ìdánwò náà yóò sì wọmi. Nítorí náà ni a fi pinnu pé pásípọ́ọ̀tù ni kí ó ṣáájú, kí ìforúkọsílẹ̀ tẹ̀lé e.

Ní ti ohun èlò ẹ̀kọ́, mo rò pé ibẹ̀ ni owó yóò ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ní láti ra ẹ̀rọ tó wúwo bí òkúta. Lónìí, Sísíkò ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò kan lọ́fẹ̀ẹ́, Packet Tracer ni orúkọ rẹ̀, tí ènìyàn lè fi so ẹ̀rọ àfarawé pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé wọ́n wà níwájú rẹ̀. Àwọn ẹ̀kọ́ olóhùn àti alárà tó dára wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé méjì tí Wendell Odom kọ fún ìdánwò náà ni àwọn tó ti ṣe é ń yìn jù, a sì lè rí èyí tí ẹlòmíràn ti lò rà. Ohun tó ń náni níhìn-ín ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà: dátà, àti epo jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ tí iná kò bá sí. Oṣù mẹ́fà ni a fún ọmọ náà láti múra. A fi ₦12,000 sí dátà lóṣù àti ₦10,000 sí epo, a sì fi ₦28,000 sí ìwé àlòkù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦160,000.

Ìrìn àjò ni ó tẹ̀lé e. Èkó ni ọmọ náà yàn, níbi tí ọjọ́ ìdánwò ti pọ̀. Láti Ifọ̀n dé Ọ̀wọ̀, láti Ọ̀wọ̀ dé Èkó, ó lé ní 300 kìlómítà. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà wa ti rí láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba inú igbó. Kò sí òbí tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rin ọ̀nà Ifọ̀n sí Ọ̀wọ̀ lálẹ́, nítorí náà ọmọ kò lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan. Bí ìdánwò bá jẹ́ ọjọ́bọ̀, yóò jáde nílé ní àárọ̀ ọjọ́rú, yóò sì padà ní ọjọ́ ẹtì. A fi ₦30,000 sí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦40,000 sí ibùsùn alẹ́ méjì, ₦10,000 sí ọkọ̀ inú ìlú, àti ₦10,000 sí oúnjẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦90,000.

Ọmọ náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, wọ́n gbà kí ènìyàn ṣe é láti ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi owó ọkọ̀ sílẹ̀.” Lóòótọ́ ni àyè wà fún ìdánwò láti ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò yóò máa wo ọmọ láti inú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà, ohùn ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ jáde, íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì gbọ́dọ̀ já. Wákàtí méjì ni ìdánwò náà. Mo ní kí ó sọ fún mi, nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni wákàtí méjì kọjá ní ilé wọn tí iná kò lọ, tí dátà kò já, tí ọmọ aládùúgbò kò kanlẹ̀kùn wá ra iṣu. Ó rẹ́rìn-ín. A fi ₦90,000 sílẹ̀ níbi tó wà.

Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdánwò, pásípọ́ọ̀tù, ohun èlò àti ìrìn àjò, ó jẹ́ ₦800,000 géérégé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò tíì fìdí rẹmi rárá, ìwé ẹ̀rí náà kò sì tíì kú rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ni àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́.

Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí kò ní ẹ̀dínwó kankan. 300 dọ́là náà ni yóò tún san, yóò sì tún wọkọ̀. Òfin sọ pé kí ó dúró fún ọjọ́ márùn-ún, tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kejì ìdánwò. Bí ọmọ wa bá fìdí rẹmi ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ó tètè lè tún un ṣe. Ẹnìkan lè rò pé kí ó kúkú dúró sí Èkó. Ibùsùn alẹ́ mẹ́fà sí i jẹ́ ₦120,000, a kò tíì ka oúnjẹ, ó sì ti ju ₦90,000 tí yóò fi wá sílé kí ó sì padà lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́fà kò tó fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ìwé èsì tí wọ́n ń fún ẹni tó fìdí rẹmi máa ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún tó gbà hàn ní apá kọ̀ọ̀kan nínú apá mẹ́fà ìdánwò náà. Apá tí ó ń kọ́ni bí ìsọfúnni ti ń rí ọ̀nà láti ìsopọ̀ kan dé òmíràn ni ó tóbi jù, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí ibẹ̀ bá ti kù díẹ̀ káàtó fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ níwájú.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a mọ̀ kí ọmọ tó kúrò nílé bóyá ó ti tó ìdánwò ṣe. Olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́ mi ní ọ̀nà méjì tí òbí tí kò mọ nǹkan kan lè fi dán ọmọ wò. Àkọ́kọ́, fún un ní nọ́ńbà bíi 192.168.10.130/26, kí o ní kí ó sọ ibi tí agbo nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Ìdáhùn rẹ̀ ni 192.168.10.128 àti 192.168.10.191. Bí ó bá lò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò tíì tó, nítorí nínú ìdánwò yìí ẹni tó bá ti fi ìbéèrè kan sílẹ̀ kò lè padà sí i mọ́. Èkejì, ní kí ó ṣí Packet Tracer sí ojú ewé tó ṣófo, kí ó so ọ́fíìsì méjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo ìwé, láìwo fídíò. Bí ó bá ní láti yọjú wo nǹkan kan, ẹ sún ọjọ́ ìdánwò síwájú. Bí ó bá ku ju wákàtí 24 lọ, wọn kì í gba owó kankan fún sísún un. Ẹni tó bá jẹ́ kí ó wọ inú wákàtí 24 náà ni owó rẹ̀ ń ṣòfò.

A fi ₦540,000 sílẹ̀ nítorí ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ₦450,000 àti ₦90,000. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, “O ti ń gbèrò ìfìdírẹmi fún ọmọ mi.” Mo dá wọn lóhùn pé owó náà kò ní ṣòfò bí ọmọ bá yege, nítorí pé ó ní ẹni tó ń dúró dè é.

Ẹni náà ni ìsọdọ̀tun. Ọdún mẹ́ta péré ni CCNA fi ń wà láàyè. Àwọn tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ó ṣì wà láàyè, nítorí náà kíkọ́ ọ sí ara ògiri kò tó. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láti sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni náà lè tún ìdánwò kan náà ṣe kí ọjọ́ tó pé, ní 300 dọ́là. Ó lè ṣe ẹ̀kọ́ tí Sísíkò fọwọ́ sí títí yóò fi kó máàkì 30 jọ láàárín ọdún mẹ́ta náà, àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí Sísíkò máa ń ṣí díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì lè ṣe ìdánwò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi 350-401 tí owó rẹ̀ jẹ́ 400 dọ́là. Bí ó bá yege, èyí àtijọ́ yóò di ọ̀tun fún ọdún mẹ́ta, òun náà yóò sì ti bá ọ̀nà dé ìwé ẹ̀rí tó ga jù. Bí a bá wò ó, 100 dọ́là ni ó fi ju títún èyí àkọ́kọ́ ṣe lọ. Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀nà kẹta yìí ni mo rí pé ó lérè jù fún un.

Bí ó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí náà kú nìyẹn, ọ̀nà ẹ̀kọ́ onímáàkì yóò sì tì. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdánwò, owó kan náà ni yóò san, àmọ́ ní gbogbo oṣù tó wà láàárín, kò ní ohun tí yóò fi han ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́.

Ẹ wá wò ó: owó tí a fi sílẹ̀ nítorí ìfìdírẹmi, ₦540,000, jẹ́ iye kan náà tí títún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yóò gbà, bí dọ́là bá dúró síbi tó wà. Pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún náà yóò ṣì wà láàyè. Nítorí náà, bí ọmọ bá yege ní ẹ̀ẹ̀kan, tí ó sì sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan, ₦1,340,000 ni yóò fi lo ọdún mẹ́fà. Bí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan kí ó tó yege, ó di ₦1,880,000. Bí ó bá yege tí ó sì fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, kò ju ₦800,000 lọ.

Mo fi ìṣirò kan kún un, nítorí owó tí kò ní ìfiwéra kì í sọ ohunkóhun. Bí a bá pín ₦1,340,000 sí oṣù 72 tí ó wà nínú ọdún mẹ́fà, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦18,600 lóṣù. Bí ó bá sì jẹ́ pé oṣù 48 péré ni ọmọ fi ríṣẹ́ ṣe nínú wọn, ó di nǹkan bíi ₦28,000. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí náà bá mú wá gbọ́dọ̀ fi iye yẹn ju èyí tí ọmọ lè rí láìsí i lọ, kí owó tó lè padà sílé. Mo ní kí ọmọ náà lọ béèrè iye tí wọ́n ń san lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó, kí ó má ṣe gbọ́ ti àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin. Ní Èkó, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní ìtòsí ilé, kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú. Ọ̀rọ̀ náà wá di pé ṣé ọmọ náà ti ṣe tán láti gbé ní ìlú mìíràn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mi orí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi oko dógò. Owó tí wọ́n fẹ́ yá náà kì bá ti gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ibi ìdánwò pàápàá, oko ì bá sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n bá ń wá ìyókù. A tò ó báyìí: pásípọ́ọ̀tù kọ́kọ́, láti inú owó iṣu. Dátà àti epo ní oṣooṣù, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni. Owó ìdánwò àti ìrìn àjò, láti inú kòkó tí wọ́n yóò tà láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní. Ìdánwò fúnra rẹ̀ di ìparí oṣù kẹta ọdún 2026, bí ọmọ bá lè so ọ́fíìsì méjì náà pọ̀ láìwo ìwé. Ní ti ₦540,000, wọ́n ní àwọn yóò máa fi ₦45,000 sí i lóṣù kan fún oṣù méjìlá. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò náà, mo kọ iye dọ́là ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi lé wọn lọ́wọ́.